"P" kan ṣoṣo láti Ìkìrun

Aago 6:47 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ni lẹ́tà náà wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Mánsẹ́sítà. Ọ̀dọ̀ Màámi ló ti wá, láti Ìkìrun, lórí Wasáàpù. "P" ni. Kò sí nǹkan níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró díẹ̀ bóyá ìyókù ń bọ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó fi àmì ìbéèrè kan ṣoṣo dá a lóhùn, ó wọ bàtà, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:52, òmíràn tún dé. Àmì ìdánudúró ni tọ̀tẹ̀ yìí: "." Ẹ̀gbọ́n mi fi àmì ìbéèrè méjì dáhùn. Lọ́jọ́rú, "P" tún padà dé, aago méje kò tíì lù.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwa ọmọ mẹ́ta fi ń túmọ̀ ohun tí kò ju ẹyọ lẹ́tà kan lọ. Gbogbo wa la gbà á sódì, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rí wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí, torí pé wọn kì í ṣe ẹ̀rí òmùgọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Màámi jẹ́ nídìí fóònù. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò títí di oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ rá lójú ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n lè ka Bíbélì Yorùbá tí awò bá wà lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá, ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́: ẹ tẹ àwòrán máìkì yẹn, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò, ẹ sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó jù ú sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn wọn ti ń dé lóòrèkóòrè. Òwúrọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kà nínú "P" náà ni pé Màámi ń bínú. Kì í ṣe pé ó dédé rò ó. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ lórí òrùlé. Páànù iyàrá ẹ̀yìn ti jẹrà, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Màámi béèrè owó àtúnṣe, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n mú sùúrù dé ìparí oṣù, Màámi sì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ó dáa." Ìdákẹ́ yẹn ló gbé lọ sórí ibùsùn. Nígbà tí "P" dé lọ́jọ́ kejì Àìkú, tí àmì ìdánudúró sì tẹ̀ lé e, ó so ó mọ́ ìdákẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá fi àmì ìdánudúró nìkan dáhùn ti ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kódà nílé ìwé tiwa, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa pé àmì yẹn ń ṣe kò ju pé ó ń sọ fún ẹni tó ń kà pé gbólóhùn ti parí. Ó wá kọ ọ́ sínú gúrúùpù àwa ọmọ pé, "Màámi ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ wò ó, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ P yẹn, wọ́n ń pariwo mọ́ mi ni."

Ti lẹ́tà ńlá yẹn la kọ́kọ́ lè mú kúrò nílẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ inú gbólóhùn di ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kéré ló máa ṣe iṣẹ́ àfikún. Nítorí náà "P" kò ṣàfihàn ariwo kankan. "P" kékeré ni ì bá jẹ́ kí n fura pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ ìbínú gbọ́ rárá. Tirẹ̀ ni pé olè ti gba Wasáàpù Màámi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan: ẹnìkan pe ìyá náà, ó ní òun wá láti ilé ìfowópamọ́, ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fún òun. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ Wasáàpù wọn. Kò pẹ́ tí olè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ìyá náà. Àbúrò mi ní lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni olè fi ń wò ó bóyá ẹni tó wà ní Mánsẹ́sítà máa dáhùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fèsì mọ́.

Ohun kan wà tí àbúrò mi ṣe tó dáa ju gbogbo ìtumọ̀ tí a jọ ń ṣe lọ, mo sì gbọ́dọ̀ kí i fún un. Kó tó sọ̀rọ̀ olè pàápàá, ó ti pe ìyàwó aládùúgbò wa ní Ìkìrun pé kó bá òun yọjú wo Màámi. Obìnrin náà lọ, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀, ara wọn yá, fóònù wọn wà nínú àpò yẹ̀rì wọn. Tí àgbàlagbà tó ń dá gbélé bá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́, ó lè jẹ́ pé ó ṣubú ni, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́. Ìyẹn kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó máa túmọ̀ àmì.

Ìròyìn obìnrin yẹn náà ló ba ti olè jẹ́, bí àbúrò mi tilẹ̀ kọ̀ láti gbà fún ọjọ́ méjì. Tí olè bá fi nọ́ńbà ẹni sórí fóònù mìíràn, Wasáàpù máa lé ẹni tó ni ín jáde lórí tirẹ̀. Obìnrin náà sì ní Màámi ṣì ń gba àwòrán àti àdúrà láti inú gúrúùpù ìjọ wọn lọ́jọ́rú yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olè kì í fi lẹ́tà kan ṣòfò ní àárọ̀ mẹ́ta léraléra. Owó ló ń wá, kíákíá ló sì ń wá a, kí ẹni tó ni fóònù tó pariwo. Gbólóhùn tó délẹ̀ dáadáa ni olè máa ń kọ.

Èmi náà ní tèmi. Mo ní Màámi ń wò ó bóyá dátà wọn ń ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìrònú mi ni pé èmi gan-an ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, mo máa ń fi àmì ìdánudúró ránṣẹ́ sí ẹnìkan, mo sì ń wò ó bóyá àmì "máàkì" méjì máa yọ. Ẹ̀yin tí ẹ lo BlackBerry rí máa rántí PING!!! tó máa ń mú kí fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó rí i sì mọ̀ pé wọ́n ń pe òun ni. Wọ́n pa BBM tó wà fún gbogbo ènìyàn, níbi tí PING yẹn wà, tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kàrún-ún, 2019, ṣùgbọ́n àṣà náà kò kú. Àwọn ará Indonéṣíà ṣì máa ń fi "P" kan ṣoṣo pe ara wọn lórí Wasáàpù títí di òní. Ìyókù PING ni. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rántí ìyẹn. "P" rèé, ó bọ́ sí i rẹ́gí! Ó rẹ́gí lóòótọ́, àfi pé Màámi kò ní BlackBerry rí, wọn ò sì mọ ẹni kankan ní Indonéṣíà. Wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí máàkì méjì túmọ̀ sí.

Ìyẹn ni àṣìṣe tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ka àmì náà bí ẹni pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Àbúrò mi kà á bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti wá. Èmi kà á bí ẹni pé èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí ara mi.

Ẹni tó bá ń ka èyí á ti máa bi mí pé kí ló dé tí a ò pe Màámi. A pè wọ́n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà wọn kò lọ. Lọ́jọ́rú, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé e. Mo ní, "Màámi, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, kò yé e o." Wọ́n ní, "Kò yé e? Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti gbọ́ mi." Lẹ́yìn náà ni ìlà já.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe wà. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Lójú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí, ẹnu Màámi gan-an ni ẹ̀rí ti jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi owó páànù ránṣẹ́ sí mi láti gbé lọ sílé. Ó ní kí n sọ fún Màámi pé kí wọ́n má bínú.

Ọjọ́ Sátidé ni mo kúrò ní Ìbàdàn. Mo wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo, mo sì wọ òmíràn dé Ìkìrun. Bí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú Màámi kò tú ká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òrùlé ló ń bí wọn nínú.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ, mo fi ọjọ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀ fún un, kò dá mi lóhùn. Nígbà tó máa wá dáhùn, ó ní 'kí ni?' Èmi tí mo bí i! Ó ní kí ni sí mi, ó tún ní 'kí ni, kí ni?'"

Ọmọ aládùúgbò yẹn ni wọ́n gbé fóònù fún kó bá wọn ka ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ. Ọmọ náà wo àmì ìbéèrè, ó ní, "Wọ́n ń bi yín pé kí ni, mà." Ó tún wo èyí tó jẹ́ méjì, ó ní, "Wọ́n tún bi yín lẹ́ẹ̀mejì." Kò purọ́, kò sì fi kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n rí ohun tí mi ò rí rí nípa àmì ìbéèrè. Tí mo bá fẹ́ bi Màámi léèrè, "Ẹ ní kí ni mà?" ni màá sọ. "Ẹ" wà níwájú rẹ̀, "mà" wà lẹ́yìn, ìbéèrè wá jókòó sáàárín wọn bí ọmọ tó mọ ipò ara rẹ̀. Tí a bá bọ́ gbogbo ìyẹn kúrò tó wá ku "?" nìkan, "ẹ" ti lọ nìyẹn, "mà" náà ti lọ. Òyìnbó lè fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ó má sì sí ohun tó ya nínú ọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí nǹkan tí àmì náà bọ́ sílẹ̀ lára gbólóhùn tirẹ̀. Ní tiwa, àmì ìbéèrè tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ sí òbí dà bíi kéèyàn kí àgbà láì tẹrí ba. "K" náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé "Ok" ni wọ́n fẹ́ kọ, máa ń wá "ma" tàbí "sir" lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, "?" kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá lọ sọ́dọ̀ àgbà, ó máa ń gbóná ju bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jí pérépéré ni pé wọ́n ní àwọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Màámi, ohùn kankan kò wọlé o." Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn sọ ọ́ tán, àwọn tiẹ̀ gbọ́ ìró tó dún pé ó ti lọ.

N kò jiyàn. Mo sùn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí èmi náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láì fọwọ́ kan nǹkan.

Wọ́n ṣí Wasáàpù. Wọ́n wá orúkọ mi, wọ́n sì rí i nípa àwòrán mi. Ohun tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe máìkì. Wọ́n tẹ ibi gbọọrọ tí "Message" wà, torí pé wọ́n rò pé ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ "ṣí i" kí àwọn tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti tẹ ibẹ̀, kíbọ́ọ̀dù gbéra nílẹ̀, ó gba ìdajì ojú fóònù, ó sì ti ibi gbọọrọ náà àti máìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò ọ̀tún nà mọ́ máìkì, lápá ọ̀tún. Awò kò sí lójú wọn. Àtàǹpàkò náà kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tó yẹ. Lẹ́tà tó wà ní ìkángun ọ̀tún ìlà òkè lórí kíbọ́ọ̀dù, tó sún mọ́ máìkì jù nínú gbogbo lẹ́tà, ni P.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dà rú rèé. Máìkì yẹn kì í ṣe máìkì nígbà gbogbo. Tí ibi ìkọ̀wé bá ṣófo, máìkì ló máa wà níbẹ̀. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá ti wọlé, ì báà jẹ́ àmì lásán, máìkì á parẹ́, àwòrán tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ á sì gba ipò rẹ̀, ní ojú kan náà, láwọ̀ kan náà. Ẹni tí kò lo awò kò lè rí i pé ó ti yí padà. Màámi gbé àtàǹpàkò sókè díẹ̀, wọ́n tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, o kú ilé o. Ara wa le. Ìwọ lo ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ náà sì kúkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí..." Wọ́n sọ ọ́ tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Fóònù dún tín. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n wò mí.

Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Mo mú un jáde. "P."

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe láti fìyà jẹ wọ́n o, mo fẹ́ mọ ibi tí àmì ìdánudúró ti ń wá ni. Ìgbà kẹta ni mo rí i. Àtàǹpàkò wọn nà lọ sókè dáadáa, kò fara kan P, ṣùgbọ́n ìdí àtàǹpàkò náà, níbi tó ti nípọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, sùn lé igun ìsàlẹ̀ fóònù lápá ọ̀tún. Bọ́tìnnì méjì tó wà nígun yẹn lórí kíbọ́ọ̀dù wọn ni àmì ìdánudúró àti "Enter". Tí orí ìka bá ṣìnà, P. Tí ìdí ìka bá ṣìnà, àmì ìdánudúró. Gbogbo ohun tó wọ Mánsẹ́sítà láàárọ̀ mẹ́ta yẹn kò ju ipa ọwọ́ kan ṣoṣo lọ, ọwọ́ tó ń na sí ibì kan náà.

Tí mo bá padà wo ó, ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Fóònù tó ń tẹ ara rẹ̀ nínú àpò kì í fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń tẹ̀, "hhjkkl" àti ẹbí rẹ̀, ní wákàtí tí kò lórí tí kò nídìí. Ti Màámi jẹ́ ẹyọ kan, aago kan náà láàárọ̀, àmì méjì péré tó ń padà wá. Tí a bá wo kíbọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì wà lápá ọ̀tún. Aago wọn bá aago tí wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ mu, ọ̀sẹ̀ náà sì ni ohùn wọn dédé dáwọ́ dúró. Àwa ń bi ara wa pé, "Kí ni wọ́n ní lọ́kàn?" Ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè pé, "Kí ni ọwọ́ wọn ń wá?"

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá kan tó ń ta ìwé ní Òṣogbo, tí mo yà kí nígbà tí mo ń padà bọ̀, ó ní àrokò ni a sọ ọ́ dà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrokò ní ohun tí "P" kò ní. Tí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ láyé àtijọ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni náà ń fà mọ́ òun. Tó bá fi mẹ́jọ dá a padà, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wọn ti jọ. Ẹnikẹ́ni kì í ṣèèṣì so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn. Ó gba ọwọ́, ó gba àkókò, ẹni tó gbé e wá sì dúró níwájú rẹ. Fóònù ni kò bìkítà bóyá ẹni tó ni ín mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀.

N kò sọ pé gbogbo àmì kan ṣoṣo ni àṣìtẹ̀ o. Oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti fi "?" ránṣẹ́ sí mi, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tí mi ò dáhùn wà lókè àmì náà. Àmì kàn ń tọ́ka padà sí i ni. Tí nǹkan kan bá wà lókè, ìtumọ̀ àmì sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan kan lókè bíi ti Màámi, àmì fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó lè sọ. Ẹ̀tàn kan tún wà tó yẹ kí ojú mọ̀. Wasáàpù ń gba ènìyàn láyè ìṣẹ́jú 15 láti yí ohun tó ti kọ padà, àwọn kan sì máa ń fi ìbínú kọ nǹkan, kí wọ́n wá yí i sí àmì ìdánudúró kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí tó rí i. Tí "Edited" bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, ọ̀rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí "Edited" lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí nínú ti Màámi.

Ẹni tó bá rí lẹ́tà kan láàrin Yorùbá tún gbọ́dọ̀ rántí pé lẹ́tà kan lè jẹ́ odindi ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. "O" ni ìwọ, "E" tí kò ní àmì lábẹ́ lè jẹ́ "Ẹ" tí kíbọ́ọ̀dù kò ní. Bí "E" bá wọlé látọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ kan ṣoṣo, mi ò ní rò pé "Ẹ kú àárọ̀" ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, torí ìyá kì í fi "ẹ" kí ọmọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú gúrúùpù gbogbo ọmọ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a pọ̀. P ní tirẹ̀ kò lè dá dúró bí ọ̀rọ̀ ní Yorùbá rárá. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti tó mi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kí Màámi má fọwọ́ kan ibi gbọọrọ yẹn mọ́. Tí kíbọ́ọ̀dù kò bá ti gbéra, kò sí P tí ọwọ́ máa ṣèèṣì tẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n máa wo nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́: tó bá ń gba ohùn lóòótọ́, aago kékeré á máa ka ìṣẹ́jú àáyá lójú fóònù. Tí aago kò bá rìn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Èyí yé wọn kíákíá. Wọ́n ní ó dà bí ìwọ̀n: tí kò bá mì, kò sí ohun tó wà lórí rẹ̀.

Mo béèrè ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ mẹ́ta náà. Wọ́n ní àwọn ti rí káfíńtà tó gbà kí àwọn san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, páànù mẹ́rin péré ló sì máa yí padà, kì í ṣe gbogbo òrùlé. Wọ́n ní, "Mo ní kó má yá owó kankan o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́."

Mo wo àpò mi níbi tí owó náà wà. Mo pe Mánsẹ́sítà.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n gbé fóònù fún Màámi. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, mo bọ́ síta. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí ohùn Màámi kò bá yé e dáadáa, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ mà" ló máa ń kọ, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ọmọ aládùúgbò lè rí "mà" méjèèjì kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmì ìdánudúró kan tún wọlé sínú gúrúùpù wa láti Ìkìrun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí àbúrò mi sọ pé òun ti dé Àkúrẹ́ láyọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe Màámi lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń pariwo sí? Ọmọ yìí ló kọ́ mi, ó ní tí mo bá ti gbọ́, kí n tẹ ẹyọ kan." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, mà?" Wọ́n ní, "Mo wọ awò."